Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Gbé Fọ́tò Oníbàárà Síta

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ránṣọ ní Aláfíàrù àti ní àwọn abúlé tó yí i ká títí dé Ṣáwòrò, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ fọ́tò ni mo fi jẹun kí n tó dàgbà débi tí mo dé yìí, mo sì ń rí bí òkìkí aṣọ yín ṣe ń kàn nísinsìnyí. Láyé ìgbà kan, ẹni tó bá ń wá aránṣọ tó mọṣẹ́ á fojú sílẹ̀ ní yídì lọ́jọ́ Iléyá, á wo ọrùn aṣọ, á wo bí wọ́n ṣe so apá mọ́ ọn, á béèrè ta ló rán an. Lónìí, orí WhatsApp ni wọ́n ti ń wò ó. Obìnrin kan wọ bùbá àti ìró lọ síbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n yà á ní fọ́tò, ó gbé e sí Statut rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, aránṣọ rẹ̀ ti fà á yọ, ó ti gbé e sí tirẹ̀, ó sì ti kọ nọ́ńbà fóònù sábẹ́ rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹnì kan ní Pàràkú ti ń béèrè iye tó ń rán irú rẹ̀.

N kò ní kí ẹ má ṣe é. Kò sí ohun tó ń polówó aṣọ bí aṣọ tó wà lára ẹni tó fi owó ara rẹ̀ rán an. Aṣọ tí ẹ gbé kọ́ ògiri ìsọ̀ kò lè fi bí èjìká rẹ̀ ṣe jókòó han ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ bóyá yóò fún ẹni tó wọ̀ ọ́ nígbà tó bá pọn ọmọ. Ẹni tó fẹ́ ránṣọ máa ń wá ara tó jọ tirẹ̀, ìyẹn ara obìnrin tó ti bímọ, ara ọkùnrin tó níkùn díẹ̀, kí ó lè mọ bí aṣọ náà yóò ṣe rí lára òun. Nítorí náà, ẹ máa wá fọ́tò àwọn oníbàárà yín. Fífà á yọ láìbéèrè ni mo ń bá yín wí fún, nítorí púpọ̀ nínú yín gbà pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé àwọn ló rán aṣọ, fọ́tò aṣọ náà ti di tàwọn.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni tiyín. Ojú àti ara tó wà nínú fọ́tò jẹ́ ti ẹni tó wọ aṣọ. Fọ́tò fúnra rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó yà á. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló máa ń ya àwọn ọmọ ìsinsìnyí lẹ́nu jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ẹnì kan tí ayé mọ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Láti ọdún 1968 ni J. D. 'Okhai Ojeikere ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irun orí àwọn obìnrin ní Nàìjíríà. Nígbà tó fi máa kú ní ọdún 2014, irun tó ti yà tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Òun kọ́ ló di ọ̀kankan nínú wọn. Àwọn onídìrí ló dì wọ́n, orí àwọn obìnrin ni wọ́n wà, síbẹ̀ orúkọ Ojeikere ló wà lára fọ́tò náà níbi gbogbo tí wọ́n ti fi í hàn láyé, nítorí òun ló mọ ibi tó yẹ kí òun dúró sí, òun ló wá ìmọ́lẹ̀, òun ló sì tẹ ẹ̀rọ. Bí aṣọ ṣe rí náà nìyẹn. Ọwọ́ yín lè mọ iṣẹ́ jù lọ ní gbogbo Ṣáwòrò, ẹni tó gbé ẹ̀rọ fọ́tò lọ́jọ́ náà ló ṣì ni fọ́tò.

Òfin ilẹ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀ sọ ohun kan náà. Òfin 2005-30 ti ọdún 2006, tó wà fún ẹ̀tọ́ àwọn tó ń fi ọgbọ́n orí wọn ṣiṣẹ́, ka fọ́tò mọ́ iṣẹ́ tó ní olóhun, ó sì fún ẹni tó yà á ní ẹ̀tọ́ pé kí orúkọ òun wà lára rẹ̀. Ní ti ojú ẹni, òfin 2017-20 ló kàn án, èyí tí wọ́n ń pè ní Code du numérique, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2018. Ohunkóhun tí a lè fi dá ènìyàn mọ̀, ìbáà ṣe ojú, orúkọ, nọ́ńbà fóònù tàbí ohùn rẹ̀, tirẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní láti gba àṣẹ tí ẹnìkan kò fipá gbà, tí olóhun mọ ohun tó wà fún, tó sì lè gbà padà nígbà tó bá wù ú. Àjọ tí wọ́n ń pè ní APDP ló ń mójú tó o.

Ẹ má sì rò pé inú ìwé nìkan ni irú òfin bẹ́ẹ̀ ń gbé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, àjọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà bu owó ìtanràn lé ilé ìgbafẹ́ kan ní Nàìróbì tó ń jẹ́ Casa Vera Lounge. Owó náà jẹ́ 1,850,000 ṣílè Kẹ́ńyà, èyí tó ju mílíọ̀nù 7 sẹ́fà lọ nígbà náà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé fọ́tò oníbàárà kan tó wá ṣe fàájì lọ́dọ̀ wọn sórí ẹ̀rọ ayélujára láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Lákòókò kan náà, àjọ yìí bu 4,550,000 ṣílè lé ilé-ẹ̀kọ́ kan, Roma School, nítorí pé wọ́n lo fọ́tò àwọn ọmọdé láìgba ìyọ̀ǹda òbí. Ẹ wò ó bí ti ọmọdé ṣe ju ìlọ́po méjì ti àgbàlagbà lọ. Àìbéèrè ni wọ́n fi mú ẹni àkọ́kọ́, òun náà ni wọ́n fi mú èkejì.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọ̀rọ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, irú èyí tó wọ́pọ̀ ládùúgbò wa. Ká ní ọmọbìnrin kan ti gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó ti ṣí ìsọ̀ tirẹ̀ ní Aláfíàrù. Ó rán bùbá àti ìró fún ìyá ọmọ tuntun, ó rán irú kan náà fún àbúrò ìyá ọmọ. Ayàwòrán kan wá láti Ṣáwòrò lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọmọ gbé fọ́tò mẹ́rin sí Statut. Èyí tó wu aránṣọ jù nínú wọn ni èyí tí ìyá ọmọ ti jókòó, tó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, tí àbúrò rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí ọmọ kékeré kan láti ilé kejì sì di ìró rẹ̀ mú.

Ohun àkọ́kọ́ tí aránṣọ yìí gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ó ka orí. Ìyá ọmọ ni yóò dáhùn fún ara rẹ̀ àti fún ọmọ ọwọ́. Àbúrò rẹ̀ ni yóò dáhùn fún ara tirẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n kò lè yọ̀ǹda ojú àbúrò tó ti dàgbà. Òbí ọmọ ilé kejì ni yóò dáhùn fún ọmọ wọn. Ayàwòrán ni yóò dáhùn fún fọ́tò. Ìyọ̀ǹda mẹ́rin ni fọ́tò kan ṣoṣo ń béèrè, ẹni tó bá sì gba ọ̀kan kò tíì gba mẹ́ta tó kù.

Ohun kejì ni àkókò. Statut kì í ju wákàtí 24 lọ kó tó pòórá, ìyẹn ló sì ń mú kí ọ̀pọ̀ yín máa kánjú fà á yọ. Kò sí ìdí fún ìkánjú. Fọ́tò náà ṣì wà nínú fóònù ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àlejò tú ká, kí ìyá ọmọ sinmi, ẹ fún un ní bí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ó bá sì ṣẹ́ owó aṣọ kù, ẹ má béèrè fọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi san án tán. Ẹni tó jẹ yín lówó kò lè sọ fún yín fàlàlà pé òun kò fẹ́, nítorí náà “bẹ́ẹ̀ ni” rẹ̀ kò tíì jẹ́ ìyọ̀ǹda.

Ohun kẹta ni bí a ó ṣe béèrè. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rere nìkan kò tó níbí, ó gbọ́dọ̀ yé ẹni tí à ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí èmi bá wà ní ipò ọmọbìnrin yẹn, báyìí ni n óò ṣe kọ ọ́, tàbí kí n sọ ọ́ sínú fóònù bí oníbàárà kò bá mọ̀wé:

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́run yóò bá wa wo ọmọ. Mo rí fọ́tò tí ẹ̀yin àti àbúrò yín ti wọ aṣọ tí mo rán. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè gbé e sí Statut mi àti ojú ìwé ìsọ̀ mi lórí Facebook? Ibi méjèèjì yìí nìkan ni, n kò ní gbé e síbòmíràn láìtún béèrè. Ṣé kí n kọ orúkọ yín sí i, àbí ẹ kò fẹ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé ojú rẹ̀ lè hàn? Mo fẹ́ mọ ẹni tó ya fọ́tò náà pẹ̀lú, kí n lè tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá wù yín, kò sí wàhálà rárá, bẹ́ẹ̀ ni bí ẹ bá ní kí n yọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀la, n óò yọ ọ́.”

Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Ó sọ fọ́tò tó ń tọrọ. Ó sọ ibi tí yóò gbé e sí, nítorí ẹni tó gbà pé kí ojú òun hàn lórí Statut, níbi tí kìkì àwọn tó ní nọ́ńbà ara wọn ti ń ríra, lè má gbà pé kí ó hàn lórí Facebook tí gbogbo ayé ń wò. Ó ya ọ̀rọ̀ orúkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ojú. Ó ya ọmọ sọ́tọ̀ kúrò lára ìyá. Ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún “rárá”. Lọ́dọ̀ wa níbí, ojú máa ń ti èèyàn láti sọ rárá fún ẹni tó bá a ránṣọ dáadáa, nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ mú rárá wá sórí tábìlì.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ ìdáhùn tí kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Bí ó bá ní “ẹ jẹ́ kí n wò ó”, kò tíì gbà. Ó lè fẹ́ sọ fún bàálé rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀, ẹ fún un láyè. Bí ó bá dákẹ́, kò gbà. Ẹ lè rán an létí lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, bí ó bá tún dákẹ́, ọ̀rọ̀ tán. Bí ó bá fi ẹ̀rín ránṣẹ́, tàbí àtàǹpàkò tó nà sókè, ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó lè fi ẹnu sọ ọ́, torí ẹ̀rín lè jẹ́ ti àdúrà tí ẹ gbà fún ọmọ.

Ká ní ìdáhùn dé báyìí. Ìyá ọmọ gbà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ojú ọmọ hàn, kò sì fẹ́ orúkọ. Àbúrò rẹ̀ gbà, ó tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun àti pé òun ń ta gààrí. Ayàwòrán gbà, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ ìsọ̀ òun. Òbí ọmọ ilé kejì ti lọ sí oko, kò sẹ́ni tó rí wọn. Fọ́tò tó wu aránṣọ yẹn ti ní ìṣòro méjì, ojú ọmọ ọwọ́ àti ojú ọmọ ilé kejì.

Ọ̀pọ̀ yóò fi òdòdó kékeré bo ojú ọmọ, wọn yóò gé ọmọ kejì kúrò létí fọ́tò, wọn yóò sì gbé e síta. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló wà níbẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Àkọ́kọ́, ẹni tó ni fọ́tò ni yóò sọ bóyá a lè gé e. Ẹ bi í, bóyá yóò tilẹ̀ fẹ́ gé e fúnra rẹ̀ láti inú ẹ̀dà gidi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkejì, ìbòjú tó kàn ṣú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kì í bo ojú. Ẹ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ kí ó tóbi, bí ẹni tó mọ ọmọ náà bá ṣì lè sọ pé òun ni, ẹ kò tíì bo nǹkan kan. Ní tèmi, n óò fi fọ́tò yẹn sílẹ̀. Fọ́tò mẹ́rin ni ìyá ọmọ gbé síta, ó lè jẹ́ pé òun àti àbúrò rẹ̀ nìkan ló dúró nínú ọ̀kan nínú wọn. Fọ́tò tí kò dára tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí gbogbo ẹni inú rẹ̀ gbà yóò pẹ́ lọ́wọ́ yín ju èyí tó dára jù lọ tí ẹ ń bẹ̀rù rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ fọ́tò tí ẹ ó lò, ẹ má lo èyí tí ẹ rí lórí Statut. WhatsApp ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó lè fúyẹ́, òwú àti iṣẹ́ ọ̀nà ọrùn aṣọ ti dàrú. Ẹ bẹ oníbàárà tàbí ayàwòrán kí ó fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document, tàbí kí ó tẹ HD kí ó tó fi ránṣẹ́. Èyí ń jẹ mẹ́gà díẹ̀, mẹ́gà sì ń ná olúwarẹ̀ lówó, nítorí náà fọ́tò kan tàbí méjì ni kí ẹ tọrọ, ẹ má tọrọ fídíò lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ọgọ́rùn-ún sẹ́fà ra mẹ́gà. Ẹ má fi ẹ̀rọ sọ awọ ara ẹnikẹ́ni di pupa. Ẹ má nu àmì ayàwòrán kúrò níbi tó kọ ọ́ sí.

Ẹ wá kọ orúkọ. Lórí Facebook, bí oníbàárà bá ti gbé fọ́tò náà sí ojú ìwé tirẹ̀ tó sì ṣí i fún gbogbo ènìyàn, Partager ni kí ẹ tẹ̀, nítorí orúkọ rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, bí òun bá sì yọ tirẹ̀ lọ́la, tiyín náà yóò lọ. Ṣùgbọ́n fọ́tò tí ẹ bá fà wá sínú fóònù kí ẹ tó tún gbé e jáde ti já kúrò lọ́wọ́ olóhun, kò sí ohun tó tún so wọ́n pọ̀ àfi ohun tí ẹ bá kọ. Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ fọ́tò fúnra rẹ̀, kì í ṣe sínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan, nítorí ẹni tó bá fà á lọ́wọ́ yín yóò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí, ìlà mẹ́ta ló tó. Ìlà àkọ́kọ́ yóò sọ ìsọ̀ tó rán aṣọ, èkejì yóò sọ orúkọ àbúrò ìyá ọmọ àti pé ó ń ta gààrí, ẹ̀kẹta yóò sọ ìsọ̀ ayàwòrán. Ìyá ọmọ kò fẹ́ orúkọ, a kò ní kọ tirẹ̀. Àbúrò yẹn lè tipa bẹ́ẹ̀ rí ẹni tí yóò ra gààrí rẹ̀, ayàwòrán sì lè rí ẹni tí yóò pè é sí ìgbéyàwó. Nígbà tí ẹ bá tún béèrè lọ́jọ́ mìíràn, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ bẹ̀ wọ́n pẹ́.

Ẹ tọ́jú ìyọ̀ǹda náà. Lórí WhatsApp, ẹ tẹ ìràwọ̀ sí ìdáhùn wọn kí ó lè wà nínú Messages importants, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tí ẹ fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ: orúkọ, ọjọ́, fọ́tò wo, ibo ló gbà pé kí a gbé e sí. Fóònù ń sọnù. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ fọ́tò kan náà sára pátákó tí ẹ fẹ́ rì mọ́ ẹ̀bá títì ńlá tó lọ sí Pàràkú, ìyọ̀ǹda tuntun ni yóò gbà. Ẹni tó gbà fún Statut kò gbà pé kí àwọn onísémìjáǹ máa wo ojú òun fún ọdún mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ má béèrè pé “ṣé aṣọ yín dára?”, nítorí gbogbo ènìyàn ni yóò dáhùn pé ó dára, ìdáhùn yẹn kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ dúró títí yóò fi wọ̀ ọ́ tí yóò sì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, bí ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní ohun tó ṣeé dáhùn: ṣé ó fún un lábẹ́ apá? Ṣé ojú rírán já nígbà tó fọ̀ ọ́? Ṣé ọjọ́ tí ẹ dá fún un ló rí aṣọ gbà? Ẹ jẹ́ kí ó fi ohùn sọ ọ́ ní èdè tó bá dùn mọ́ ọn, ìbáà ṣe Yorùbá tiwa, Bàrùbá tàbí Fúlàní. Bí ó bá ní “apá ọ̀tún fún mi díẹ̀, ó tún un ṣe lọ́jọ́ kejì láìgba owó”, ọ̀rọ̀ yẹn yóò mú oníbàárà wá ju ìyìn mẹ́wàá lọ, nítorí ẹni tó gbọ́ ọ mọ̀ pé òótọ́ ni, ó sì mọ ohun tí ẹ máa ń ṣe bí nǹkan bá yẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síta, bí ó ṣe sọ ọ́ ni kí ẹ kọ ọ́. Bí ẹ bá túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, ẹ kọ pé ẹ̀yin lẹ túmọ̀ rẹ̀. Ẹ má fa gbólóhùn kan yọ kí ẹ fi èyí tó tẹ̀ lé e sílẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé èkejì ló yí ìtumọ̀ àkọ́kọ́ padà. Ohùn rẹ̀ náà dà bí ojú rẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n, nítorí náà ẹ tọrọ kí ẹ tó gbé e síta. Bí ẹ bá sì ya ojú fóònù níbi tí ẹ ti jọ ń sọ̀rọ̀, ẹ wo òkè rẹ̀ dáadáa: nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀, fọ́tò rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ gbèsè tí ẹ jọ sọ lánàá lè wà lókè rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ gé gbogbo rẹ̀ kúrò.

Àwọn kan nínú yín ń sọ pé “yìn mí, n óò yọ 500 sẹ́fà kúrò nínú owó aṣọ rẹ.” Ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Ìyìn tí a rà kì í ṣe ẹ̀rí. Google kò gba ọ̀rọ̀ oníbàárà tí wọ́n fi owó tàbí ẹ̀bùn rà sórí Maps rẹ̀, wọ́n sì lè yọ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin àjọ FTC tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2024 ka ríra ìyìn bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹrin ọdún 2025 ni òfin ti ka ìyìn èké léèwọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún yín ní fọ́tò, ẹ dúpẹ́ lẹ́yìn tó ti fi ránṣẹ́, ẹ bá a tún etí aṣọ kan ṣe, kí ó má jẹ́ pé ohun tó sọ ló pinnu ohun tó rí gbà.

Èyí tó burú ju gbogbo rẹ̀ lọ ni fífà fọ́tò aṣọ àwọn aránṣọ Èkó tàbí Kùtọnu wá, kí ẹ gé orúkọ wọn kúrò, kí ẹ kọ tiyín. Oníbàárà yóò san owó nítorí ọwọ́ tí kì í ṣe ọwọ́ yín. Bí ẹ bá fẹ́ fi àrà kan hàn wọ́n, ẹ fi orúkọ ẹni tó rán an sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ gbangba pé, “Èmi kọ́ ló rán èyí, mo lè rán irú rẹ̀.”

Ọjọ́ kan á dé tí ẹnì kan yóò ní kí ẹ yọ fọ́tò òun. Ó lè jẹ́ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, ó lè jẹ́ pé òun àti ọkọ rẹ̀ ti yà, ó sì lè má sọ ìdí kankan. Ẹ má bi í léèrè ìdí. Ẹ yọ ọ́ lórí Facebook, ẹ yọ ọ́ nínú gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp tí ẹ gbé e sí, ẹ pa ẹ̀dà inú fóònù rẹ́, ẹ kọ ọjọ́ náà sínú ìwé, ẹ sì sọ fún un pé ẹ ti ṣe é. Ohun kan ṣoṣo ni ẹ kò lè ṣe: ẹ kò lè yọ ọ́ nínú fóònù ẹni tó ti fà á lọ kí ẹ tó yọ ọ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ sọ èyí fún oníbàárà ní ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ ń béèrè, kí ó má baà rò pé ohun tó bá jáde lè padà wọlé pátápátá.

Mo bẹ̀ yín, kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ẹ ṣí fóònù yín, ẹ wo gbogbo fọ́tò oníbàárà tó wà lójú ìwé ìsọ̀ yín. Èyí tí ẹ kò béèrè rẹ̀, ẹ pe olóhun kí ẹ béèrè báyìí. Bí ẹ kò bá rí olóhun, tàbí tí ojú ọmọdé bá wà níbẹ̀ tí òbí rẹ̀ kò mọ̀, ẹ yọ ọ́.